Ta Ló Ni Agbára Láti Kan Ọ̀rọ̀ Mọ́ Òkè? Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Àwọn Akọ̀wé àti Akápò Ẹgbẹ́

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin alága àti akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé, ẹ̀yin akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó pè mí láti wá sọ̀rọ̀ lórí nǹkan kan tí ojú gbogbo wa ń rí lójoojúmọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n tí púpọ̀ nínú wa kò tíì bi ara wa léèrè bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ṣí gúrúùpù ẹgbẹ́ yín lórí WhatsApp, tí ẹ rí ọ̀rọ̀ kan tó dúró gbọin sókè tí kò bá àwọn yòókù ṣàn lọ, tàbí tí ẹ ń wo fídíò lórí YouTube, tí ẹ rí ìdásí ẹnìkan lókè gbogbo ìdásí, ta ló gbé e síbẹ̀? Ta ló sì lè gbé e kúrò? Ìbéèrè méjì yìí ni mo wá dáhùn, kò sì ní sí ìbòmíràn tí a ó yà sí.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí àwọn ènìyàn sábà máa ń dà pọ̀. Orí WhatsApp, ẹ lè kan gúrúùpù odidi mọ́ òkè níbi tí orúkọ gbogbo àwọn tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ wà, kí ó má baà sọnù sí ìsàlẹ̀. Ìyẹn, ìwọ nìkan ni o rí i. Fóònù rẹ nìkan ló mọ̀ nípa rẹ̀, kò sí ẹni tó ní láti gbà ọ́ láàyè. Èyí tí mo wá sọ̀rọ̀ lé lórí yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú gúrúùpù ni a kàn mọ́ òkè, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó wà níbẹ̀ ló sì ń rí i. Nítorí pé gbogbo ènìyàn ń rí i ni ìbéèrè ẹni tó lè ṣe é fi di ọ̀ràn.

Apá kìn-ín-ní: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí a bá kan ọ̀rọ̀ mọ́ òkè

Bí a ṣe ń ṣe é kò nira. Ẹ ó fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́, ẹ ó sì di ìka náà mú síbẹ̀ títí tí ọ̀rọ̀ náà yóò fi yí àwọ̀. Àwọn nǹkan tí ẹ lè ṣe yóò yọ. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ `Pin` sí, bí kò bá hàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ tẹ àmì mẹ́ta kékeré tó wà ní igun òkè. Fóònù yóò bi yín pé ìgbà wo ni ẹ fẹ́ kí ó fi dúró: wákàtí 24, ọjọ́ 7, tàbí ọjọ́ 30. Bí ẹ kò bá yan nǹkan kan, ọjọ́ 7 ló ti mú sílẹ̀ fún yín. Ẹ tẹ `Pin` lẹ́ẹ̀kan sí i, ó parí. Ìwé, àwòrán tàbí ìdìbò orí gúrúùpù, gbogbo rẹ̀ ló ṣeé kàn mọ́ òkè.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí èyí tó wà títí láé nínú àkókò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n fún wa yẹn. Ẹgbẹ́ kan tí mo mọ̀ kan òfin ìdókòwò wọn mọ́ òkè, wọ́n sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Nígbà tó di oṣù kejì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀sùn kan akọ̀wé pé ó yọ òfin kúrò láti ṣe ojúsàájú. Akọ̀wé kò ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ 30 ló pé, ọ̀rọ̀ náà sì bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé kíkàn mọ́ òkè kì í ṣe fífi pamọ́. Ohun tí a gbé sókè kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níbi tí wọ́n ti kọ ọ́, láàárín ìkíni àárọ̀ àti àwòrán ìsọmọlórúkọ. Ìlà tó wà lókè kàn ń tọ́ka sí i ni. Bí ẹ bá tẹ ìlà náà, yóò gbé yín lọ sí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Àǹfààní ìmọ̀ yìí ni pé bí ẹnìkan bá tú ọ̀rọ̀ kúrò lókè, kò pa á rẹ́. Ẹ lè wá a rí, kí ẹ sì tún un kàn. Ewu rẹ̀ sì ni pé bí wọ́n bá pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ níbi tó wà, kò sí ohun tí òkè máa tọ́ka sí mọ́. Àwọn àgbà ní bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Ti ibí yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ bá pa á rẹ́ fún gbogbo ènìyàn, ìkàn yòówù tí ẹ kàn án, ó lọ nìyẹn. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá ṣe pàtàkì sí ẹgbẹ́, kí akọ̀wé fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, kí ó má kàn án láti inú ohun tí ẹlòmíràn kọ.

Ìlà tó ń hàn lókè kúrú. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìkan ló ń hàn níbẹ̀. Bí akápò bá wá fi ìkíni àti àdúrà kún ìlà méjì àkọ́kọ́, ìkíni ni gbogbo ẹgbẹ́ yóò máa rí lókè fún ọjọ́ 30, wọn kò ní mọ̀ pé nọ́ńbà àkáùntì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ohun tí a ń wá ṣáájú, kí àdúrà tẹ̀lé e. Bí àṣìṣe bá sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìṣẹ́jú 15 péré ni WhatsApp fún ẹni tó kọ ọ́ láti tún un ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, òmíràn ni kí ẹ kọ, kí ẹ kan tuntun, kí ẹ sì tú ti àtijọ́.

Apá kejì: ta ló lè kàn án, ta ló lè tú u

Níbi tí ẹni méjì péré ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì ló lè kan ọ̀rọ̀ mọ́ òkè. Gúrúùpù ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń gba àlàyé. Ọ̀pọ̀ nínú yín gbà pé alábòójútó gúrúùpù, ẹni tí àwọn ọmọ wa ń pè ní ádímìn, nìkan ló ní agbára yìí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Rárá o. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá gúrúùpù sílẹ̀ tí ẹ kò sì yí ètò kankan padà, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló lè kan ọ̀rọ̀ mọ́ òkè, gbogbo wọn náà ló sì lè tú èyí tí ẹlòmíràn kàn. Ẹni tó wọlé ní àárọ̀ yìí láti orí líǹkì ní agbára kan náà pẹ̀lú alága lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ibi tí a ti ń yí i padà rèé. Ẹ tẹ orúkọ gúrúùpù lókè, ẹ wá ìsàlẹ̀ lọ sí `Group permissions`, ẹ ó rí ìlà kan tí wọ́n kọ `Edit group settings` sí. Bí ó bá wà ní títàn, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní agbára. Bí ẹ bá pa á, àwọn alábòójútó nìkan ló kù. Alábòójútó nìkan ló sì lè dé ibẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ ìlà náà ṣì yín lọ́nà, nítorí kò sí `Pin` nínú rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí àwọn akọ̀wé kì í fi í rí i bí wọ́n ti ń wá a. Ìlà kan náà yìí ló ń ṣàkóso orúkọ gúrúùpù, àwòrán rẹ̀, àpèjúwe rẹ̀, àti kíkan ọ̀rọ̀ mọ́ òkè. Ẹ kò lè ya wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ máa yí àwòrán gúrúùpù padà nígbà ọdún, ẹ ti fún wọn ní òkè náà pẹ̀lú. Èrò mi ni pé gúrúùpù tí owó ń gba ibẹ̀ kọjá gbọ́dọ̀ pa ìlà yìí, láìka bí a ṣe fọkàn tán ara wa tó. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àmọ́ nínú gúrúùpù mọ̀lẹ́bí, níbi tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti ń ṣètò ayẹyẹ pa pọ̀, mo rò pé títàn rẹ̀ dára, kí iṣẹ́ má baà já lé ẹnìkan ṣoṣo léjìká.

Apá kẹta: ẹ jẹ́ kí a tọ ọ̀ràn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹgbẹ́ onílé kan bí àpẹẹrẹ, tí wọ́n ń dáwó jọ láti tún tiransifọ́mà àdúgbò ṣe. Wọ́n ní kí ilé kọ̀ọ̀kan san ₦15,000. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù, akápò kọ nọ́ńbà àkáùntì ẹgbẹ́ sí gúrúùpù, akọ̀wé sì kàn án mọ́ òkè fún ọjọ́ 30. Ní ọjọ́ kẹta, ó kan ọjọ́ ìpàdé fún ọjọ́ 7. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó kan ìkéde ìmọ́tótó àyíká. Mẹ́ta ti pé.

Kí ni mo fi ń kà á? Nítorí pé mẹ́ta ni òpin. Gúrúùpù kan kò gba ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ lókè lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹnìkan bá fẹ́ kan ìkẹrin, WhatsApp yóò sọ fún un pé tuntun yìí máa rọ́pò èyí tó pẹ́ jù lọ níbẹ̀. Ó gbà, ó sì tẹ̀ ẹ́. Nínú àpẹẹrẹ wa, èwo ló pẹ́ jù lọ? Nọ́ńbà àkáùntì ẹgbẹ́ ni.

Ní ọjọ́ kẹfà, ẹnìkan tó ti orí líǹkì wọlé, tó fi orúkọ àti àwòrán tó jọ ti akápò sí ara rẹ̀, kọ ọ̀rọ̀ kan pé ilé ìfowópamọ́ ti yí àkáùntì ẹgbẹ́ padà, ó sì kàn án mọ́ òkè. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ o. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó tẹ fóònù rẹ̀, àkáùntì èké bọ́ sókè, àkáùntì òtítọ́ sì bọ́ sílẹ̀. Àwọn onílé tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ tí wọ́n fẹ́ sanwó kò ní ka ọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún tó ti kọjá. Òkè ni wọ́n ń wò, òkè ni wọ́n gbàgbọ́.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀? Gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá kan ọ̀rọ̀ mọ́ òkè, WhatsApp máa ń kọ ìlà kékeré kan sí àárín gúrúùpù pé lágbájá ti `pinned a message`. Orúkọ tàbí nọ́ńbà ẹni tó ṣe é wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ san owó, kí ó má wo ohun tí ọ̀rọ̀ òkè sọ nìkan, kí ó tẹ̀ ẹ́ kí ó gbé e dé ibi tí wọ́n ti kọ ọ́, kí ó wo nọ́ńbà fóònù ẹni tó kọ ọ́, kí ó sì wo nọ́ńbà ẹni tó kàn án. Orúkọ ṣeé yí padà, àwòrán ṣeé jí. Bí nọ́ńbà kò bá jẹ́ ti akápò tí ẹ mọ̀, ẹ pè é kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ní ti alábòójútó, bí iṣẹ́ ṣe tẹ̀ lé ara wọn ṣe pàtàkì. Mo ti rí ibi tí akọ̀wé ti kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ èké kúrò, tí ọlọ́ṣà sì tún un kàn kí ìṣẹ́jú kan tó pé, tí wọ́n ń bá ara wọn fà á títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tó yẹ kí ó kọ́kọ́ ṣe ni kí ó lọ pa `Edit group settings`, kí agbára náà kúrò lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn náà, kí ó ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ fún ẹ̀rí, kí ó pa ọ̀rọ̀ èké náà rẹ́ fún gbogbo ènìyàn, nítorí alábòójútó ní àṣẹ láti pa ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni rẹ́ nínú gúrúùpù. Bí ọ̀rọ̀ bá ti lọ, ìkàn ti lọ nìyẹn. Kí ó wá yọ ẹni náà kúrò, kí ó yí líǹkì padà kí èyí àtijọ́ má ṣiṣẹ́ mọ́, kí ó sì wá ọ̀rọ̀ àkáùntì òtítọ́ rí níbi tó ti wà láti ọjọ́ kìn-ín-ní, kí ó tún un kàn. Bí akọ̀wé bá ti pa ìlà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, kò ní sí ọ̀kankan nínú wàhálà yìí.

Kí n tó kúrò lórí WhatsApp, ohun kan kù tó ń rú àwọn ènìyàn lójú. Ẹni tó bá wọ gúrúùpù lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti wà lókè kì í rí i. Ìdí ni pé fóònù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni ọ̀rọ̀ WhatsApp wà, tí a tì í pa láti fóònù dé fóònù. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ kí o tó dé kò sí lórí fóònù tìrẹ, ìlà òkè kò sì ní ohun tó máa tọ́ka sí fún ọ. Torí náà, bí akọ̀wé bá ń sọ fún ayálégbé tuntun pé “ẹ wo òkè,” tí onítọ̀hún ní òun kò rí nǹkan kan, irọ́ kọ́ ló ń pa. Ohun tó bá yẹ kí gbogbo ẹni tó ń wọlé rí, inú àpèjúwe gúrúùpù ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Òkè wà fún ohun tó ní ọjọ́.

Apá kẹrin: ìdásí tí a kàn mọ́ òkè lórí YouTube

Lórí YouTube, agbára yìí kò ṣeé pín fún èrò ìworan rárá. Ẹni tó ni ìkànnì tí fídíò náà wà lórí rẹ̀ ló lè kan ìdásí mọ́ òkè lábẹ́ fídíò tirẹ̀. Ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo. Ó lè kan ìdásí tí òun fúnra rẹ̀ kọ, ó sì lè kan ti òǹwòran kan tí kò mọ̀ rí. Ẹ̀yin tí ẹ kọ ìdásí kò lè kàn án fúnra yín, bó ti wù kó dára tó, bó sì ti wù kí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ pọ̀ tó. Onífídíò yóò tẹ àmì mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdásí náà, yóò sì yan `Pin`. Ibẹ̀ náà ni `Unpin` wà nígbà tó bá fẹ́ tú u. Ìdásí kan ṣoṣo ni fídíò kan gbà. Bí ó bá kan òmíràn, ti tẹ́lẹ̀ yóò padà sáàárín àwọn yòókù. Kò sí ọjọ́ tí yóò fi tán níbẹ̀ bíi ti WhatsApp.

Kí ni a máa ń lò ó fún jù lọ? Àtúnṣe ni. Bí fídíò bá ti jáde lórí YouTube, ẹ kò lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ lórí ojúlé kan náà. Ẹ wo ìyá kan tó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ọṣẹ ṣíṣe, tó wá rí i lẹ́yìn tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ti wò ó pé ìwọ̀n sóódà tí òun pè lẹ́nu ti pọ̀ jù. Sóódà tó pọ̀ jù máa ń bó ènìyàn lára. Bí ó bá pa fídíò rẹ́, àwọn tó ti kọ̀wé rẹ̀ sílẹ̀ kò ní mọ̀. Ohun tó tọ́ ni kí ó kọ ìwọ̀n tó yẹ gẹ́gẹ́ bí ìdásí, kí ó sọ ìṣẹ́jú tí àṣìṣe náà wà nínú fídíò, kí ó sì kàn án mọ́ òkè, kí ẹni tó bá tún padà wá wo ó lè kọ́kọ́ rí i.

Àwọn ọlọ́ṣà mọ bí a ṣe gbẹ́kẹ̀ lé òkè níbẹ̀ náà. Wọ́n á fi àwòrán onífídíò sí ara wọn, wọ́n á máa fèsì fún àwọn òǹwòran pé kí wọ́n wá bá àwọn lórí nọ́ńbà kan. Ẹ wá ọ̀rọ̀ kékeré náà, `Pinned by`, lókè ìdásí, pẹ̀lú orúkọ ìkànnì. Bí kò bá sí níbẹ̀, wọn kò kàn án, ó kàn ṣẹlẹ̀ pé ó wà lókè ni, nítorí YouTube fúnra rẹ̀ máa ń gbé ìdásí tó bá wù ú ṣáájú. Bí onífídíò bá sì ń dá sí ọ̀rọ̀ lábẹ́ fídíò rẹ̀, orúkọ rẹ̀ máa ń wà nínú àwọ̀ tó dá yàtọ̀ sí ti àwọn òǹwòran.

Instagram tẹ̀ lé òfin kan náà, pé onílé ló ni òkè, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gba ìdásí mẹ́ta lábẹ́ àwòrán kan láti ọdún 2020, ó sì ń ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ ìdásí náà pé wọ́n ti kàn án. Láti ọdún 2022, ó tún gbà kí ènìyàn kan àwòrán tirẹ̀ mẹ́ta mọ́ òkè ojú ìwé ara rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, ìyá kan tó wà ní ìjókòó iwájú béèrè ohun kan tó dára. Ó ní: “Bí wọ́n bá kan ìdásí mi mọ́ òkè lórí YouTube láìbéèrè lọ́wọ́ mi, tí èmi kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ni mo lè ṣe?” Mo dá wọn lóhùn pé, Mà, ẹ kò lè tú u, nítorí `Unpin` kò ní hàn lórí fóònù yín rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín ṣì jẹ́ ti yín. Ẹ tẹ àmì mẹ́ta ẹ̀gbẹ́ ìdásí náà, ẹ yan `Delete`, yóò kúrò lókè, yóò sì kúrò lábẹ́ fídíò pátápátá, onífídíò kò sì lè dá a padà. Wọ́n ní, “Ṣé wọn ò ní bá mi wí?” Mo ní ẹ kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni láti pa ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ rẹ́.